Ta Ni Àkọlé Yìí Ń Bá Sọ̀rọ̀?

Ẹ wo àpólà yìí: “Ojútùú ìgbàlódé fún iṣẹ́ àgbẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà.” Èmi ni mo hun ún fún ẹ̀kọ́ yìí, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kankan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lọ sórí ìkànnì ayélujára dáadáa yóò ti pàdé àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀. Òkè ojú-ewé àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń wà, wọ́n á sì fi lẹ́tà gàdàgbà kọ wọ́n. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, kò sì sí àṣìṣe. Síbẹ̀, ẹni tó kà á tán kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń tà, kò mọ ẹni tí wọ́n ń tà á fún, kò sì mọ ohun tí yóò yí padà fún òun bí òun bá gbà á.

Iṣẹ́ àwọn tó ń polówó ọjà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ka àtúnkọ irú àkọlé báyìí sí. Mo fẹ́ fi hàn pé àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní irinṣẹ́ fún un lọ́wọ́. Ọjà kan ṣoṣo ni màá lò, èyí tí a lè rí lò ní Ìjàyè níbí, a ó sì tún àkọlé kọ fún un títí tí yóò fi bá a mu.

Ohun tó ń ṣe àkọlé náà

Nígbà tí a fẹ́ mọ̀ bóyá ìró méjì jẹ́ fóníìmù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, a máa ń fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. “Bá” yàtọ̀ sí “dá”, nítorí náà ìró /b/ àti /d/ ń ṣiṣẹ́ ìyàtọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe bẹ́ẹ̀ fún àkọlé wa. Ẹ gbé e fún ẹni tó ń fi tírákítọ̀ yáni. Ó bá a mu. Ẹ gbé e fún ẹni tó ń ta irúgbìn àgbàdo. Ó bá a mu. Ẹ gbé e fún ẹni tó ń yá àgbẹ̀ lówó, tàbí ẹni tó ń bá wọn wá ọkọ̀ tí yóò kó ẹrù wọn lọ sọ́jà. Ó ṣì bá wọn mu. Àkọlé tí ọlọ́jà mẹ́rin lè jọ máa lò láì ṣàtúnṣe kò ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ nínú wọn.

Ìdánwò kejì ni ká wá òdìkejì ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ta ni yóò kọ “ojútùú àtijọ́” sórí ìkànnì rẹ̀? Kò sí. Ọ̀rọ̀ tí kò sí ọlọ́jà tó lè sọ òdìkejì rẹ̀ kò fi ìròyìn kankan kún ohun tí ẹni tó ń kà á ti mọ̀. “Ìgbàlódé” bọ́ sílẹ̀ báyìí. “Ojútùú” náà bọ́ sílẹ̀, nítorí gbogbo ọlọ́jà ló gbà pé òun ń yanjú nǹkan. “Iṣẹ́ àgbẹ̀” àti “Áfíríkà” ló kù, àwọn méjèèjì sì fẹ̀ ju ohun tí ọjà kan lè kárí lọ.

Ìdánwò kẹta ló jẹ mọ́ gírámà gan-an. Àpólà orúkọ ni àkọlé yìí, kì í ṣe odidi gbólóhùn. Kò ní ọ̀rọ̀-ìṣe. Níbi tí kò bá sí ọ̀rọ̀-ìṣe, kò sí ẹni tó ń ṣe nǹkan, kò sì sí ohun tó ń yí padà. Ìdí nìyí tí àwọn àkọlé aláìṣe-pàtó fi kún fún ọ̀rọ̀ bí “ìdàgbàsókè”, “ìrọ̀rùn” àti “ìmúgbòòrò”. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n tẹ́lẹ̀ kí a tó fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ “ì-” sọ wọ́n di orúkọ. Bí mo bá sọ pé “dàgbà”, ẹ ó bi mí pé ta ló dàgbà, nítorí gbólóhùn náà ń wá olùwà. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ pé “ìdàgbàsókè”, mo ti rọra bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè yẹn. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú àtúnkọ nìyẹn: ká tú orúkọ náà padà sí ọ̀rọ̀-ìṣe, ká wá wo ẹni tó yẹ kó jókòó sí ipò olùwà.

Àpẹẹrẹ kan láti Kẹ́ńyà

Kí a tó dé Ìjàyè, ẹ jẹ́ ká wo àkọlé kan tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 2005, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán M-Pesa wò ní Kẹ́ńyà. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn nígbà yẹn ni pé kí àwọn tó yá owó kékeré lè máa fi fóònù san án padà. Nígbà ìdánwò náà ni wọ́n rí i pé àwọn ènìyàn ń lò ó fún ohun mìíràn: wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ síra wọn. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Safaricom wá gbé e jáde fún gbogbo ayé ní oṣù kẹta ọdún 2007, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi polówó rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní Yorùbá, “Fi owó ránṣẹ́ sílé” ni.

Ẹ wo bó ṣe rí. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò dárúkọ fóònù, kò sì sọ pé nǹkan ìgbàlódé ni. Ọ̀rọ̀ tó ṣe iṣẹ́ jù nínú rẹ̀ ni “ilé”. Ẹni tó ń gbé nílùú ńlá, tí àwọn òbí rẹ̀ wà lábúlé, tó sì ti máa ń fi owó rán awakọ̀ bọ́ọ̀sì, yóò gbọ́ “ilé” yóò sì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Wọn kò kọ “fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣí wá sílùú”, síbẹ̀ ẹni náà wà nínú gbólóhùn. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kò di dandan kí àkọlé ka irú ẹni tí oníbàárà jẹ́. Bó bá dárúkọ ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nìkan ń ṣe, ó ti pè é.

Ọjà tiwa: AKILIMO

Ibùdó ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí gbogbo wa mọ̀ sí IITA ti wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1967, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, nítòsí Mọ́níyà. Láti Mọ́níyà náà ni ọ̀nà ti yà lọ sí Ìjàyè, tó sì gba ibẹ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn. Ẹ̀gẹ́ wà lára ohun tí àwọn àgbẹ̀ ń gbìn jù lójú ọ̀nà yìí. IITA ló ṣáájú àwọn tó ṣe AKILIMO, irinṣẹ́ ìmọ̀ràn fún àwọn tó ń gbin ẹ̀gẹ́. Ó wà gẹ́gẹ́ bí áàpù lórí fóònù, ó sì tún wà lórí ìwé fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ́ àgbẹ̀.

Láti inú èdè Súwàhílì ni orúkọ rẹ̀ ti wá: “akili” ni làákàyè, “kilimo” sì ni iṣẹ́ àgbẹ̀. Orúkọ náà dùn létí ẹni tó gbọ́ Súwàhílì, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń roko ní Ìjàyè. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kọ ojú-ewé kan fún un ní Yorùbá, àkọlé ló máa ru gbogbo ẹrù náà.

Iṣẹ́ tó ń ṣe ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni màá mú, ìyẹn ìmọ̀ràn lórí ajílẹ̀. Ó máa ń béèrè ibi tí oko wà, bó ṣe tóbi tó, ìgbà tí wọ́n fẹ́ gbìn àti ìgbà tí wọ́n fẹ́ wú u. Ó tún máa ń béèrè irú ajílẹ̀ tó wà lọ́jà àti iye owó báàgì kan, iye owó tí wọ́n ń ta ẹ̀gẹ́, àti iye tí àgbẹ̀ fẹ́ ná. Lẹ́yìn èyí ni yóò sọ irú ajílẹ̀ tó yẹ, iye kílò tàbí báàgì, àti èrè tó ṣeé ṣe kó ti ibẹ̀ wá. Bí ajílẹ̀ bá wọ́n, tí owó ẹ̀gẹ́ sì wálẹ̀, ó lè sọ pé kí àgbẹ̀ má ra ajílẹ̀ rárá. Ẹ fi gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn sọ́kàn, nítorí òun ló máa ṣèdájọ́ àkọlé wa.

Àtúnkọ mẹ́rin

Kí n tó kọ ohunkóhun, mo kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè méjì sínú ìwé. Èkíní: ta ni? “Àgbẹ̀” kò tó ìdáhùn. Ẹni tó gbin ẹ̀gẹ́ díẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé fún jíjẹ kò ní ra ajílẹ̀, irinṣẹ́ yìí kò sì ní wúlò fún un tó bẹ́ẹ̀. Ìyá tó ń yan gàrí ń ra ẹ̀gẹ́ ni, kò gbìn ín. Ẹni tí a ń wá ni ẹni tó gbin ẹ̀gẹ́ láti tà, tó sì ń rò ó bóyá kí òun ra ajílẹ̀. Èkejì: kí ló yí padà? Tẹ́lẹ̀, iye báàgì tí aládùúgbò rà ló ń rà, tàbí iye tí owó ọwọ́ rẹ̀ ká. Báyìí, ó ti mọ èyí tó yẹ oko tirẹ̀ kí owó tó kúrò lápò rẹ̀.

Mo kọ àkọlé kan tẹ̀ lé òmíràn, mo sì gbé wọn dé Ìjàyè. Àwọn mẹ́ta ni mo fi hàn: bàbá kan tó ń gbin ẹ̀gẹ́ tà, ìyá kan tó ń yan gàrí, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gun ọ̀kadà, tó sì ní oko ẹ̀gẹ́ kékeré. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ni mo fi àkọlé kọ̀ọ̀kan hàn wọ́n lórí fóònù, mo sì ka á sókè fún ẹni tí kò rí i kà. Lẹ́yìn náà ni mo pa á dé, mo wá béèrè pé: ta ni wọ́n ṣe é fún, kí ni yóò sì bá a ṣe? N kò béèrè bóyá àkọlé náà dùn mọ́ wọn, nítorí ẹni tó bá bọ̀wọ̀ fúnni yóò kàn sọ pé ó dára.

Àkọlé aláìṣe-pàtó tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lò, kí n lè rí ohun tí màá fi wé àwọn yòókù. Bàbá bi mí pé, “Ṣé tírákítọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi yá wa?” Ìyá onígàrí rò pé ìjọba ń pín owó. Nígbà tí àkọlé kò sọ ohun tó jẹ́, kálukú ló máa fi ohun tó ń retí kún un.

Àkọlé àkọ́kọ́ tí mo tún kọ ni: “Ìmọ̀ràn lórí ajílẹ̀ fún àwọn tó ń gbin ẹ̀gẹ́.” Ẹni tó wà fún ti hàn. Ṣùgbọ́n àpólà orúkọ ló ṣì jẹ́, a kò sì mọ ohun tí ìmọ̀ràn náà yóò yí padà. Bàbá ní, “Àwọn tó ń ta ajílẹ̀ nìyẹn.” Ó gbọ́ “ajílẹ̀”, kò rí ọ̀rọ̀-ìṣe kankan, ó sì fi “tà” sí i fúnra rẹ̀.

Mo wá fi ọ̀rọ̀-ìṣe sí èkejì: “Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ yín ta ju ti ọdún tó kọjá lọ.” Òun ni gbogbo wọn kọ́kọ́ fẹ́ràn. Òun náà sì ni mo jù nù kíákíá. Bàbá ló kọ́kọ́ bi mí pé, “Bí òjò ò bá rọ̀ ńkọ́?” Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Òjò, èpò àti bí ilẹ̀ ṣe rí kò sí lọ́wọ́ áàpù. Ohun tó tún burú jù ni pé irinṣẹ́ yìí lè sọ fún ẹnì kan pé kó má ra ajílẹ̀. Fún ẹni yẹn, àkọlé náà ti di irọ́, bẹ́ẹ̀ irinṣẹ́ náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa: ó gba owó rẹ̀ là. Níbí ni mo ti rí i pé ohun tí AKILIMO ń yí padà gan-an ni ìpinnu àgbẹ̀ nígbà tó fẹ́ náwó. Èrè oko lè tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ìpinnu yẹn ló wà lábẹ́ agbára irinṣẹ́ náà. Àkọlé gbọ́dọ̀ dúró sí ibi tí agbára ọjà dúró sí.

Ẹ̀kẹta nìyí: “Ẹ mọ iye ajílẹ̀ tó tọ́ sí oko ẹ̀gẹ́ yín.” Ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ ni “mọ”, ó sì bá ohun tí irinṣẹ́ náà lè ṣe mu. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́kadà ní, “Ó dáa, a ó máa rí iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà.” “Iye” ló mú un ṣìnà. Nínú èdè wa, “iye” lè jẹ́ bí nǹkan ṣe pọ̀ tó, ó sì lè jẹ́ owó rẹ̀. Nígbà tí ọjà bá wà nítòsí ọ̀rọ̀ náà, owó ni etí máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Gbólóhùn onítumọ̀ méjì ni a ó pè é nínú kíláàsì, a ó sì fi máàkì sí i. Lórí ìkànnì, ẹni tó bá gbé ìtumọ̀ kejì yóò wá owó ajílẹ̀ títí, kò ní rí i, yóò sì lọ.

Ẹ̀kẹrin ni mo dúró lé:

“Kí ẹ tó ra ajílẹ̀ fún oko ẹ̀gẹ́ yín, ẹ mọ̀ bóyá yóò lérè.”

Awẹ́ gbólóhùn “kí ẹ tó” ló ṣáájú, nítorí ó gbé ẹni tó ń kà á sí àsìkò tí ọ̀rọ̀ náà kàn án, ìyẹn ìgbà tí owó ṣì wà lápò. Ẹni tí a ń wá wà nínú “ra ajílẹ̀ fún oko ẹ̀gẹ́ yín”, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fẹ́ fowó ránṣẹ́ ṣe wà nínú “ilé”. Ẹni tí kò ra ajílẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe òun. Ohun tó yí padà wà nínú “mọ̀ bóyá”: tẹ́lẹ̀ kò mọ̀, báyìí ó mọ̀. “Bóyá” yìí náà ló jẹ́ kí àkọlé jẹ́ òótọ́ fún ẹni tí wọ́n ní kó ra báàgì mẹ́ta àti ẹni tí wọ́n ní kó má rà á.

Nígbà tí mo pa á dé, bàbá ní, “Á sọ fún mi bóyá kí n rà á tàbí kí n fi í sílẹ̀.” Ìyá onígàrí ní, “Ti àwọn tó ń gbìn ín nìyẹn o. Tèmi ni kí n rí ẹ̀gẹ́ rà.” Ìdáhùn ìyá yìí wúlò tó ti bàbá. Bí ẹni tí ọjà kò wà fún bá gbọ́ àkọlé, tó sì mọ̀ pé kì í ṣe òun, àkọlé náà ti pààlà. Ènìyàn mẹ́ta kò tó fún wa láti sọ iye ẹni tí yóò lo irinṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n tó láti fi ibi tí gbólóhùn ti ń ṣini lọ́nà hàn.

“Ẹ” tàbí “o”, àti ohun tó kù sísàlẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹni tó ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kò ní bá pàdé. Arọ́pò-orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò fún ọmọdé àti àgbà. Àwọn tó ń túmọ̀ ìkànnì sí Yorùbá sábà máa ń fi “o” àti “rẹ” sí i láìrò ó. Ẹ fojú inú wo àkọlé tó sọ fún ẹni ọgọ́ta ọdún pé “kí o tó ra ajílẹ̀”. Kó tó ronú lórí ajílẹ̀, yóò ti bi ara rẹ̀ pé ọmọ ta ni ń bá òun sọ̀rọ̀ báyìí. “Ẹ” bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan, ó sì tún bá ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ̀rọ̀, nítorí náà kò sí ohun tí a pàdánù bí a bá lò ó.

Àkọlé kò lè sọ gbogbo nǹkan, kò sì yẹ kó gbìyànjú. Bí irinṣẹ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ohun tí àgbẹ̀ máa mú wá wà fún ìlà tó tẹ̀ lé e. Níbẹ̀, mo pín “iye” sí “iye owó” àti “iye báàgì” kó má baà tún ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Bí a bá gbé méjèèjì sórí ojú-ewé, bí wọ́n ṣe máa rí nìyí:

```html
<html lang="yo">
<h1>Kí ẹ tó ra ajílẹ̀ fún oko ẹ̀gẹ́ yín,
ẹ mọ̀ bóyá yóò lérè</h1>
<p>Ẹ sọ ibi tí oko yín wà, iye owó ajílẹ̀
àti iye owó tí ẹ ń ta ẹ̀gẹ́. AKILIMO yóò sọ
iye báàgì tó yẹ, tàbí pé kí ẹ má rà á.</p>
</html>
```

Kóòdù `lang="yo"` ń sọ fún ẹ̀rọ pé Yorùbá ni èdè ojú-ewé náà, kí ẹ̀rọ tó ń ka ìwé sókè má baà kà á bí Gẹ̀ẹ́sì. Àmì ohùn náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí a bá yọ àmì kúrò lórí “ẹ̀gẹ́”, ẹni tó ń yára kà á lórí fóònù ní láti dúró kó tó mọ ohun tí a kọ, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sì ni gbogbo àsìkò tí a ní.

Ẹ lè gbé àkọlé tuntun yìí padà sínú ìdánwò ìpààrọ̀ tí a fi bẹ̀rẹ̀. Onítírákítọ̀ kò lè lò ó, ẹni tó ń yáni lówó kò lè lò ó. Ẹni tó ń ta ajílẹ̀ gan-an kò ní fẹ́ lò ó, nítorí “bóyá” yẹn lè lé oníbàárà rẹ̀ lọ.